Kámẹ́rà Sólà Tí Kì Í Rí Oorun Sùn

Nínú oṣù Kejì, ó ṣọ̀wọ́n kéèyàn gbọ́ ẹni tó ń ráhùn nípa kámẹ́rà sólà. Oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ ń ràn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bátìrì ń kún, onílé ń rí ẹnu géètì rẹ̀ lórí fóònù níbikíbi tó bá wà. Òjò oṣù Keje ló máa ń tú àṣírí. Ojú ọ̀run á ṣú fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bátìrì tó ń kún dé 100 á já sí 60, á já sí 20, tó bá sì fi di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kámẹ́rà ti kú. Onílé á pe ẹni tó bá a so ó mọ́ ògiri. Ẹni náà á ní, "Páńẹ́lì yẹn ló kéré, sà. Ẹ jẹ́ ká ra èyí tó tóbi jù ú lọ." Nígbà míì, òótọ́ ló sọ. Àmọ́ nínú àwọn tí mo ti bá yẹ̀ ẹ́ wò, páńẹ́lì kì í sábà jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Kámẹ́rà yẹn kò rí oorun sùn ni.

Kámẹ́rà tó ń lo bátìrì kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí wọ́n so mọ́ iná NEPA. Èyí tó wà lórí iná NEPA ń ríran tọ̀sán tòru, nítorí kò sí ohun tó ń dín kù fún un. Èyí tó ń lo bátìrì gbọ́dọ̀ fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ sùn. Bí ohunkóhun ò bá ṣẹlẹ̀, ojú rẹ̀ ti pa, kò ya nǹkan kan, kò rí nǹkan kan. Ohun méjì péré ló ṣì lajú nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PIR, ike funfun róbótó tó máa ń wà nísàlẹ̀ ojú kámẹ́rà. Èkejì ni apá kan lára ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, tó ń dúró de ìgbà tí ẹ máa fi fóònù pè é.

PIR kì í rí àwòrán. Ooru ló ń mọ̀, àgàgà ooru tó ń ṣípò padà. Ara ènìyàn gbóná ju ògiri àti ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ, nítorí náà bí ènìyàn bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó mọ̀ pé ooru kan ti kúrò níhìn-ín bọ́ sọ́hùn-ún. Ó máa jí kámẹ́rà. Láàárín sẹ́kọ́ńdù kan tàbí méjì, kámẹ́rà á lajú, á bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò, á fi ránṣẹ́ sí fóònù, á sì padà lọ sùn. Bí ọlọ́dẹ tó ń tòògbé lẹ́nu géètì ni: bí gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò bá ń jí i, kò ní í lágbára mọ́ nígbà tí olè bá dé.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín oorun àti ìjí rẹ̀ pọ̀ gan-an. Kámẹ́rà onísíìmù tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì 4G máa ń fa nǹkan bí wáàtì 0.06 tó bá ń sùn. Bó bá jí, ó máa ń fa bíi wáàtì 2. Bó bá jí lóru, tó sì tan iná funfun iwájú rẹ̀, ó lè dé wáàtì 3.5. Oríṣi kan yàtọ̀ sí èkejì, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa máa ń wà nìyẹn. Ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú kan tó fi jí tó ohun tó máa fi sùn fún ìdajì wákàtì. Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni iye ìgbà tí kámẹ́rà ń jí lójúmọ́, kó tó béèrè bí bátìrì ṣe tóbi tó.

Ilé kan wà ní àdúgbò kan tó já sí ọ̀nà Ìwó ní Ìbàdàn, tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ́. Ó so kámẹ́rà sólà onísíìmù kan mọ́ òpó tó wà lẹ́bàá géètì, kó lè máa rí simẹ́ńtì, irin àti àwọn òṣìṣẹ́. Bátìrì inú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ méjì irú èyí tí wọ́n ń pè ní 18650, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2600 mAh. Àpapọ̀ wọn lè gba bíi wáàtì-wákàtì 19, bí wọ́n bá kún. Wáàtì-wákàtì kan ni iye iná tí ohun tó ń fa wáàtì kan máa lò nínú wákàtì kan. Páńẹ́lì rẹ̀ jẹ́ wáàtì 5.

Ẹ má gbàgbé pé páńẹ́lì wáàtì 5 kì í mú wáàtì 5 jáde látàárọ̀ dalẹ́. Oòrùn àárọ̀ kò lágbára, ti ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀, eruku ń jẹ díẹ̀, wáyà àti ẹ̀rọ tó ń rọ iná sínú bátìrì náà ń jẹ tiwọn. Ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa nínú oṣù Kejì, ẹ lè retí bíi wáàtì-wákàtì 14 nínú bátìrì. Lọ́jọ́ tí òjò oṣù Keje bá ṣú bolẹ̀, ó lè má ju 5 tàbí 6 lọ.

Nígbà tí a ṣí ibi tí áápù ń to gbogbo ohun tí kámẹ́rà yà sí, a rí i pé ó ń jí tó bíi 300 ìgbà lọ́sàn-án, àti bíi 150 lóru. Kámẹ́rà náà kọjú sí títì. Ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá, àwọn ọmọ ilé-ìwé, àwọn tó ń lọ sí ọjà, gbogbo wọn ló ń jí i. Ó ń ya 30 sẹ́kọ́ńdù nígbàkigbà tó bá jí. 300 ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30 sẹ́kọ́ńdù jẹ́ wákàtì méjì àbọ̀ gbáko, èyí tó jẹ wáàtì-wákàtì 5. Ti òru kò gùn tó bẹ́ẹ̀, wákàtì kan àti ìṣẹ́jú 15 ni, ṣùgbọ́n iná funfun ń tàn ní gbogbo ìgbà yẹn, nítorí náà ó jẹ bíi 4.4. Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ rẹ̀ àti ìyá wa ló ní áápù náà lórí fóònù, tí wọ́n ń ṣí i wò lójú ẹsẹ̀. ("Àwọn bíríkìlà yẹn ni mò ń ṣọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.) Tí a bá da gbogbo wíwò wọn pọ̀, ó jẹ́ wákàtì kan àbọ̀ lójúmọ́, ó sì jẹ 3. Oorun tó ń sùn fún ìyókù ọjọ́ ń jẹ bíi 1.1. Gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 14.

Nínú oṣù Kejì, 14 ń wọlé, 14 ń jáde, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Nígbà tí oṣù Keje dé, ohun tó ń jáde kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tó ń wọlé di 6. Gbèsè 8 lójúmọ́. Bátìrì 19 kò lè ru irú gbèsè bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣi ọ̀nà gbà nìyí. Wọ́n á wọ sẹ́tíńgì, wọ́n á pa ìró ìkìlọ̀ tó ń dún lórí fóònù, wọ́n á rò pé àwọn ti gba bátìrì là. Fóònù ló dákẹ́. Kámẹ́rà ṣì ń jí, ó ṣì ń yà. Ẹlòmíì á tan "Human Detection", èyí tó máa jẹ́ kí áápù sọ̀rọ̀ kìkì tó bá rí ènìyàn. Èyí sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ó ń dín fídíò tí kámẹ́rà ń yà àti èyí tó ń fi ránṣẹ́ kù, ó sì ń dín dátà kù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń ṣe é: kámẹ́rà gbọ́dọ̀ jí kó tó lè wo àwòrán, kó sì tó lè sọ pé ewúrẹ́ nìyí, kì í ṣe ènìyàn. Ewúrẹ́ ti jí i kó tó mọ̀ pé ewúrẹ́ ni. Bákan náà ni pẹ̀lú àlà tí àwọn áápù kan máa ń jẹ́ kí ẹ fi ìka fà sórí àwòrán, pé kí kámẹ́rà má ka ohun tó wà lẹ́yìn àlà náà sí. Lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà oníbátìrì, orí àwòrán ni àlà yẹn ti ń ṣiṣẹ́. PIR kò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ láti ṣe kò sí nínú fóònù rárá. Ẹ gun àkàbà, kí ẹ yí ojú kámẹ́rà kúrò ní títì. Ẹ jẹ́ kó kọjú sí inú ọgbà, kó máa wo ọ̀nà tí ẹni tó bá ti wọlé máa gbà kọjá. Ẹ dà á kọ ilẹ̀ díẹ̀, nítorí PIR tó ń wo ọ̀ọ́kán máa ń mọ ooru ọkọ̀ tó wà lókèèrè. PIR tún mọ ẹni tó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láti ọ̀tún sí òsì ju ẹni tó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà síbi tí ènìyàn á ti rìn kọjá níwájú rẹ̀, yóò tètè jí, ẹ ò sì ní í máa rí fídíò ìpàkọ́ ẹni tó ti kọjá lọ tán.

Bí títì bá ṣì wọ igun kan, àwọn tó ń so kámẹ́rà mọ ọgbọ́n kan: wọ́n máa ń fi téèpù dúdú tí a fi ń di wáyà iná bo apá kan lára ike PIR náà, apá tó kọjú sí títì. Ooru kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ lẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ rìn kọjá níwájú rẹ̀ láti dán an wò, kí ẹ má baà fọ́ ọ lójú pátápátá.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó wọ "PIR Sensitivity". Low, Medium àti High ló sábà máa ń wà níbẹ̀. High ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi sí, ìdí kan sì wà tó ń sún wọn ṣe é. Lọ́sàn-án gangan nínú oṣù Kẹta, nígbà tí ooru bá mú débi pé ògiri àti ilẹ̀ gbóná tó ara ènìyàn, PIR kì í rí ìyàtọ̀ tó láàárín ènìyàn àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Onílé á rìn kọjá ní aago méjì ọ̀sán, kámẹ́rà ò ní í jí, onílé á bínú, á gbé e sí High. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí afẹ́fẹ́ sì tutù, High yẹn á wá máa mọ ooru ajá tó wà ní òdìkejì títì. Medium ni kí ẹ fi sí, kí ẹ sì gbà pé ó lè pàdánù ẹnì kan lákòókò tí oòrùn bá ń mú jù. Bí áápù yín bá gbà yín láyè láti ya sẹ́tíńgì ọ̀sán sọ́tọ̀ sí ti òru, High lọ́sàn-án àti Low tàbí Medium lóru ló dára jù. Ẹ wo ohun tó wà níwájú rẹ̀ náà: ẹ̀fúùfù gbígbóná láti ara jẹnẹrétọ̀, ẹ̀yìn éè-sì, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí oòrùn ti mú gbóná tí afẹ́fẹ́ sì ń jù. Gbogbo wọn ni PIR ń rí bí ènìyàn.

Iná òru ló kàn. Àwọn kámẹ́rà yìí máa ń ní oríṣi iná méjì: iná funfun tó ń jẹ́ kí fídíò ní àwọ̀ bíi ti ọ̀sán, àti iná pupa kan tí ojú wa kì í fi bẹ́ẹ̀ rí, tó ń jẹ́ kí fídíò jẹ́ dúdú àti funfun. Lórí fóònù, "Full Color" ni àkọ́kọ́, "Infrared" ni èkejì, "Smart" sì máa ń wà láàárín, tó máa ń lo ti pupa títí ó fi rí ènìyàn kó tó tan ti funfun. Full Color dùn ún wò, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, ó sì lè lé olè sá. Ṣùgbọ́n òun ló ń fa wáàtì 3.5 yẹn, nígbà tí Infrared kì í sábà ju 2.3 lọ. Ìyà kejì ni pé iná funfun ń pe kòkòrò, kòkòrò ń pe ọmọnílé, ọmọnílé á sì máa rìn lórí ike PIR láti mú kòkòrò jẹ. Ẹsẹ̀ ọmọnílé kan ṣoṣo lójú sẹ́ńsọ̀ ti tó láti jí kámẹ́rà, ìyẹn á tún tan iná, iná á tún pe kòkòrò. Bí ẹ bá rí fídíò òru tó pọ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn, ẹ wò ó bóyá ìrù kan ń fì ní igun.

Gígùn fídíò àti àlàfo tó wà láàárín fídíò kan àti èkejì, àwọn méjèèjì ni kí ẹ jọ gbé yẹ̀ wò. Bí ẹ bá dín fídíò kù láti 30 sí 15 sẹ́kọ́ńdù, ẹ ti gé ìdajì owó ìjí kọ̀ọ̀kan. Àlàfo ni iye àkókò tí kámẹ́rà máa kọtí ikún sí PIR lẹ́yìn tó bá ti ya fídíò tán. Bí ó bá jẹ́ òdo, tí àwọn bíríkìlà sì ń ṣiṣẹ́ níwájú rẹ̀, kò ní í sùn látàárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e sí ìṣẹ́jú mẹ́ta, adìyẹ lè jí kámẹ́rà, kí olè sì wọlé nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta tó tẹ̀ lé e láìsí ẹni tó yà á. 30 sẹ́kọ́ńdù ni mo máa ń fi sí lẹ́nu géètì. Níbi tí a ti ń kọ́lé, tí òṣìṣẹ́ wà lọ́sàn-án, ohun tó dára jù ni pé kí ẹ ṣètò aago: kí PIR máa ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí aago méje àárọ̀ nìkan. Lọ́sàn-án, ẹ lè ṣí i fúnra yín bí ẹ bá fẹ́ wo iṣẹ́.

Ìyẹn gbé wa dé orí wíwò lójú ẹsẹ̀, èyí tí ẹbí kì í fẹ́ gbọ́. Kò sí sẹ́tíńgì tó lè gbà yín lọ́wọ́ ẹ. Ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá fi ń wo kámẹ́rà, kò lè sùn, dátà sì ń lọ. Bí wákàtì kan àbọ̀ bá di ìṣẹ́jú 20, 3 á di 0.7. Bí kámẹ́rà bá jẹ́ irú èyí tí orí rẹ̀ ń yí, tí ẹ sì tan "Auto Tracking", mọ́tò inú rẹ̀ á máa yí tẹ̀ lé gbogbo ẹni tó bá kọjá, á sì mú ìjí kọ̀ọ̀kan gùn sí i. Ẹ pa á.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, a yí ojú kámẹ́rà sínú ọgbà, a fi PIR sí Medium, a tan Human Detection lé e, a fi iná òru sí Infrared, a fi fídíò sí 15 sẹ́kọ́ńdù pẹ̀lú àlàfo 30, a sì yọ áápù kúrò lórí fóònù ìyá wa (wọ́n bínú díẹ̀). Ìjí tó ń jẹ́ 450 lójúmọ́ di nǹkan bí 60. Tí ẹ bá tún ìṣirò òkè yẹn ṣe, ti ìjí kò ju 0.6 lọ, wíwò jẹ́ 0.7, oorun jẹ́ bíi 1.4. Kò pé 3 lápapọ̀. Òjò oṣù Keje tó ń mú 5 wá ti ju ìyẹn lọ. Bí oòrùn ò bá tilẹ̀ yọ rárá, bátìrì kan náà á gbé e tó ọjọ́ mẹ́fà. Páńẹ́lì wáàtì 5 yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀nà wà láti mọ̀ bí ìṣòro tiyín bá jẹ́ irú èyí. Ẹ kọ ìpín bátìrì sílẹ̀ ní aago méje alẹ́, kí ẹ tún kọ ọ́ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, nígbà tí oòrùn ò tíì fi nǹkan kan kún un. Kámẹ́rà ẹ̀gbọ́n mi ń pàdánù bíi 27 nínú 100 lálẹ́ kan kí a tó tún un ṣe, lẹ́yìn náà ó di bíi 5. Bí tiyín bá já gan-an, ẹ wo iye fídíò òru náà. Bí wọ́n bá pọ̀, ohun tí mo ti ń sọ láti òkè ni. Bí fídíò kò bá ju márùn-ún lọ, tí bátìrì sì ṣì já 20, ẹ yé fi ìyà jẹ PIR. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí bátìrì gan-an ni kí ẹ wò.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò lágbára ń jẹ bátìrì ní ìkọ̀kọ̀. Bí òpó ilé-iṣẹ́ síìmù bá jìnnà, ẹ̀rọ inú kámẹ́rà á fi agbára tó pọ̀ sí i kígbe kí òpó lè gbọ́ ọ, fídíò 15 sẹ́kọ́ńdù sì lè gba ìṣẹ́jú kan kó tó lọ tán, kámẹ́rà ò sì ní í sùn títí yóò fi lọ. Kí ẹ tó ra síìmù, ẹ fi fóònù yín dán ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta wò níbi tí kámẹ́rà máa wà gan-an. Ẹ jẹ́ kí fídíò máa wọ káàdì mẹ́mórì inú rẹ̀, kí àwòrán kékeré nìkan máa wá sórí fóònù, bí áápù bá gbà bẹ́ẹ̀. Ti àwọn tó ń lo Wáì-fáì tún yàtọ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, NEPA á mú iná lọ, ráútà á kú, kámẹ́rà á sì máa wá Wáì-fáì kiri lóru láìsinmi. Ó lè rẹ̀ ẹ́ ju bí ó ṣe máa rẹ̀ ẹ́ tó bá ń ya fídíò lọ. Ráútà yẹn gbọ́dọ̀ wà lórí ínfátà, tàbí kí ẹ ra bátìrì kékeré tí wọ́n ń tà fún ráútà nìkan.

Ní ti páńẹ́lì, mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀. Láti Èkó dé Ìlọrin, gúúsù ni kó kọjú sí, kó dẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Òjìji ẹ̀ka igi kan ṣoṣo lórí páńẹ́lì kékeré lè mú ohun tó ń mú wá kéré gan-an. Ẹ nù ún nígbà ọyẹ́. Kí ẹ sì fi wáyà fóònù rọ kámẹ́rà kún dé 100 nínú ilé kí ẹ tó gbé e kọ́, nítorí páńẹ́lì tó ń bọ́ kámẹ́rà lójoojúmọ́ kì í rí àjẹṣẹ́kù tó máa fi kún bátìrì tó ti gbẹ.

Ooru tún wà níbẹ̀. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kì í fẹ́ kí wọ́n rọ iná sínú rẹ̀ tó bá ti gbóná ju 45°C lọ, ẹ̀rọ inú kámẹ́rà sì máa ń dá rírọ náà dúró. Kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ abẹ́ páànù tàbí ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn lè kọ oúnjẹ ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn dára jù. Àmì rẹ̀ ni pé àwòrán mànàmáná tó ń fi hàn pé iná ń wọlé á pòórá lọ́sàn-án gangan, á tún padà ní aago márùn-ún. Ẹ gbé kámẹ́rà sí ibòji, kí ẹ fi wáyà gbé páńẹ́lì jìnnà sí i. Àwọn ẹbí wa tó so irú rẹ̀ mọ́ ilé wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ń rí òdìkejì rẹ̀: bí òtútù bá lọ sí ìsàlẹ̀ 0°C, irú bátìrì yìí kò gbọdọ̀ gba iná, ojúmọ́ oṣù Kejìlá wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtì mẹ́jọ lọ.

Sẹ́tíńgì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí kámẹ́rà máa ya fídíò láì dúró fún wákàtì 24, wáàtì 2 fún wákàtì 24 jẹ́ 48, bátìrì 19 yẹn á kú láàárín wákàtì mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Kámẹ́rà oníná ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò, tàbí irú èyí tí wọ́n kọ AOV sára páálí rẹ̀, tó máa ń ya àwòrán kan ní sẹ́kọ́ńdù kọ̀ọ̀kan títí ohun kan yóò fi ṣẹlẹ̀ kó tó ya fídíò gidi.

Bátìrì náà sì máa ń gbó. Èyí tó bá ń kún dé 100 ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tó sì já sí 30 kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù, kò ní inú mọ́, sẹ́tíńgì ò lè ṣe nǹkan kan fún un. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ní Alábà tàbí ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹjà, wọ́n á gbé 18650 tí wọ́n kọ 9900 mAh sí lára lé yín lọ́wọ́. Irọ́ ni. 18650 gidi kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 3500 mAh lọ. Ẹ béèrè fún 2600 tàbí 3000, kí ẹ sì gbé e sórí òṣùwọ̀n bí ẹ bá lè rí kékeré kan: ojúlówó máa ń tẹ̀wọ̀n tó bíi gíráàmù 45, ayédèrú máa ń fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, kí wọ́n jẹ́ irú kan náà, torí èyí tó ti gbó á máa fa èyí tuntun sẹ́yìn.